Bí A Ṣe Ń Fi Omi Wọn Àyè Tí Òkúta Ṣágiṣàgi Gbà

Òkúta wẹ́wẹ́ tí àwọn bíríkìlà fi ń po kọnkéré kò ní ẹ̀gbẹ́ kankan tí rúlà lè dúró lé. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mú ọ̀kan lọ́wọ́, yóò rí i pé kò sí òòró tàbí ìbú kan pàtó tí òun lè wọ̀n, nítorí pé ibi kan yọ gọngọ, ibòmíràn sì jin kòtò. Síbẹ̀, òkúta náà gba ìwọ̀n àyè kan, kò sì gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àyè yìí ni àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè ní fọ́lúùmù, òun náà ni mo máa pè ní ìwọ̀n àyè nínú ìtọ́sọ́nà yìí. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mọ̀ ọ́n ni pé kí a ri òkúta náà sínú omi, kí a sì wo iye tí omi fi gòkè. Òkúta àti omi kò lè wà lójú kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí òkúta bá jókòó sí, omi ibẹ̀ ní láti ṣí kúrò fún un, kò sì sí ibòmíràn tí yóò gbà nínú ohun èlò tí ó yí i ká ju òkè lọ.

Gbogbo ẹ̀kọ́ náà kò ju èyí lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kì í fiyè sí. Omi kò mọ òkúta yàtọ̀ sí ohun mìíràn. Okùn tí a fi so òkúta, ìka tí a tẹ̀ bọ inú omi, èéfún afẹ́fẹ́ tí ó fara pamọ́ sínú ihò òkúta, gbogbo wọn ló ń gbé omi sókè bí òkúta ṣe ń gbé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀kán omi tí ó ta jáde ṣe ń rẹ omi sílẹ̀ láìjẹ́ pé òkúta náà kéré sí i. Nítorí náà, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí wà fún ohun kan ṣoṣo, èyí ni pé kí ó jẹ́ òkúta nìkan ni ó gbé omi náà sókè.

Ohun èlò, àti ìdí tí èyí tó tóóró fi dára ju èyí tó fẹ̀ lọ

Sílíńdà oníwọ̀n tí ó gba 100 mílílítà ni mo máa ń lò fún òkúta tí kò ju àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ. Ilà rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ mílílítà kọ̀ọ̀kan, mílílítà kan sì bá sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan mu géérégé, tó fi jẹ́ pé kò sí ìṣirò kankan láti yí ọ̀kan padà sí èkejì. A tún nílò òwú ìránṣọ, òṣùwọ̀n tí ó lè ka gíráàmù, omi tó mọ́, àti aṣọ gbígbẹ kan.

Àwọn kan máa ń béèrè pé kí ló dé tí a kò kàn lo ife tàbí ìkòkò gíláàsì tí ó fẹ̀, tí òkúta yóò rí àyè wọ̀ dáadáa. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ wò. Bí inú sílíńdà bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2.7, omi tí ó ga ní mìlímítà kan ṣoṣo nínú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.57 mílílítà. Bí inú ife bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7, mìlímítà kan náà yẹn ti di mílílítà mẹ́ta àti ààbọ̀ ó lé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rin. Ojú èèyàn lè fi mìlímítà kan ṣìnà láìmọ̀. Nínú sílíńdà, àṣìṣe yẹn kò tó nǹkan. Nínú ife, ó lè jẹ́ ìdá mẹ́fà òkúta tí a ń wọ̀n. Nítorí náà, ohun èlò tí ó tóóró jù tí òkúta ṣì lè wọ̀ láìfa ara mọ́ ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ mú.

Kí òkúta tó wọlé

Ẹ fọ òkúta náà kí eruku rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì nù ún gbẹ, nítorí pé omi tí ó bá wà lára rẹ̀ yóò bá a wọ inú sílíńdà, yóò sì ka ara rẹ̀ mọ́ òkúta. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n nígbà tí ó ṣì gbẹ, kí ẹ sì kọ iye gíráàmù rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá dúró di ẹ̀yìn tí ó ti rin, ẹ ó máa wọn omi mọ́ ọn.

Ẹ so òwú mọ́ òkúta náà ní ibi tí ó bá ti tẹ̀ sínú díẹ̀, kí ó má baà yọ́. Òwú ìránṣọ kò ní ìpalára: èyí tí ó fẹ̀ tó ìdajì mìlímítà, tí sẹ̀ǹtímítà márùn-ún rẹ̀ wọ omi, kò gbé omi sókè ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mílílítà lọ. Ṣùgbọ́n okùn tí a fi ń di ẹrù, tí ó fẹ̀ tó mìlímítà mẹ́ta, yóò gbé e sókè ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta mílílítà, yóò sì tún máa fa omi mu.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé sílíńdà sórí tábìlì tí kò fì, kí ẹ sì bu omi sí i títí yóò fi dé àyíká 50. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ 50 gan-an. Àwọn ọmọ máa ń fi ìṣẹ́jú márùn-ún kán omi sí i, tí wọ́n tún ń bu ú jáde, nítorí pé wọ́n fẹ́ kí ó bọ́ sórí ilà náà, bẹ́ẹ̀ 48 tàbí 53 yóò ṣe iṣẹ́ kan náà níwọ̀n ìgbà tí a bá ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí ó pọn dandan ni pé kí omi náà tó láti bo òkúta mọ́lẹ̀ pátápátá, kí ó má sì pọ̀ débi pé yóò kọjá ilà tó gbẹ̀yìn nígbà tí òkúta bá wọlé. Bí ọṣẹ olómi bá wà, ẹ kán ẹ̀kán kan ṣoṣo sí omi náà, kí ẹ sì fi igi tín-ín-rín rò ó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ó má hó; ọṣẹ yìí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ lẹ̀ mọ́ òkúta. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan kí omi tí ó lẹ̀ mọ́ ara gíláàsì lókè ṣàn sọ̀kalẹ̀ tán.

Bí a ṣe ń ka omi

Ojú omi nínú sílíńdà gíláàsì kì í tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó máa ń gun ara gíláàsì díẹ̀ ní etí, ó sì máa ń rì sílẹ̀ ní àárín bí àwo tí a fi ń mu ẹ̀kọ. Ìsàlẹ̀ ibi tí ó rì yẹn ni a ń kà. Láti rí i kedere, ẹ mú bébà funfun kan, kí ẹ kun ìlàjì rẹ̀ ní dúdú, kí ẹ sì dì í mú lẹ́yìn sílíńdà, kí etí dúdú náà wà ní ìsàlẹ̀ ojú omi díẹ̀. Ìsàlẹ̀ ojú omi yóò dúdú, yóò sì yọ ketekete.

Ojú ẹni tí ó ń kà á gbọ́dọ̀ wà ní ìbámu pẹ̀lú ojú omi. Èyí túmọ̀ sí pé akẹ́kọ̀ọ́ ní láti bẹ̀rẹ̀ tàbí kí ó kúnlẹ̀, kì í ṣe kí ó gbé sílíńdà sókè sójú ara rẹ̀, nítorí pé ọwọ́ kì í dúró ṣinṣin, omi yóò sì máa fì. Ẹni tí ó bá wò ó láti òkè yóò rí nọ́ńbà tí ó ju ti òótọ́ lọ. Ẹni tí ó bá wò ó láti ìsàlẹ̀ yóò rí èyí tí ó dín.

Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ kan rí, ọmọkùnrin gíga kan, tí èsì tirẹ̀ máa ń fi mílílítà kan dín sí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà gbogbo lórí òkúta kan náà. Ó ní, “Sà, bí mo bá tilẹ̀ ń ṣì í kà, ṣebí ìgbà àkọ́kọ́ àti ìgbà kejì ni mo ń ṣì í kà bákan náà, ṣé kò yẹ kí wọ́n pa ara wọn rẹ́ ni?” Ìbéèrè gidi ni. Mo wo bí ó ṣe ń ṣe é, mo sì rí i pé kò kúnlẹ̀ rárá. Orí ìdúró ló ti ń kà á, orí rẹ̀ sì ga ju omi lọ ní nǹkan bí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà. Nígbà tí omi ṣì wà nísàlẹ̀, ojú rẹ̀ ń dà sílẹ̀ gan-an, àfikún tí ó ń kà mọ́ ọn sì pọ̀. Nígbà tí òkúta ti gbé omi sókè, omi ti sún mọ́ ojú rẹ̀ díẹ̀, ojú náà kò dà tó ti àkọ́kọ́ mọ́, àfikún sì dín kù. Àfikún méjèèjì kò dọ́gba, nítorí náà wọn kò lè pa ara wọn rẹ́ tán, ohun tí ó ṣẹ́ kù ló sọ 25 di 24. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbé àpótí kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, kí àwọn tó ga lè jókòó kà á.

Rírì òkúta

Ẹ fi òwú sọ òkúta náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kan ìsàlẹ̀. Ẹ má ṣe jù ú sínú rẹ̀. Òkúta tí a jù yóò ta omi sára gíláàsì àti síta, sílíńdà gíláàsì a sì máa fọ́ ní ìdí. Bí ó bá sì jẹ́ sílíńdà tí a gbé wá láti ìlú ni ẹ ní, ẹ sì mọ̀ pé ọ̀kan ṣoṣo ni, ẹ kò ní í fẹ́ kí ó fọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Kí ẹ tó sọ òkúta kalẹ̀, ẹ lè jẹ́ kí sílíńdà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀ kí òkúta lè yọ́ bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nígbà tí ó bá ti wà lábẹ́ omi, ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá rí èéfún tí ń tàn bí fàdákà lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ ni. Ẹ mi òwú náà sókè sódò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láìjẹ́ kí òkúta yọ jáde, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi gbéra wá sókè. Ẹ dúró bí ìdajì ìṣẹ́jú, kí ẹ sì tún kúnlẹ̀ kà á. Ohun tí ẹ kà ní ìkẹyìn, ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú rẹ̀.

```
V = V2 − V1
```

V1 ni ibi tí omi wà kí òkúta tó wọlé, V2 ni ibi tí ó wà lẹ́yìn tí òkúta ti wọlé, V sì ni ìwọ̀n àyè òkúta. Bí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe, ẹ kò gbọdọ̀ lo V1 tí ẹ kọ́kọ́ kà. Òkúta àti òwú ti gbé omi jáde lára wọn nígbà tí ẹ fà wọ́n jáde, omi inú sílíńdà kò sì pé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ nu òkúta náà gbẹ, kí ẹ sì ka V1 tuntun. Àṣìṣe yìí ni mo máa ń rí jù lọ nínú ìwé àwọn ọmọ: V1 kan ṣoṣo lókè ojú ewé, V2 mẹ́ta nísàlẹ̀ rẹ̀, tí V2 kọ̀ọ̀kan sì ń dín ju èyí tó ṣáájú lọ.

Òkúta kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Òkúta gíránáìtì kan tí mo ṣà lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé wọn gíráàmù 67. Ní ìgbà kìíní, omi wà ní 50, ó gòkè dé 75, ìyẹn 25. Ní ìgbà kejì, ó gbéra láti 48 dé 73, ìyẹn 25. Ní ìgbà kẹta, ó gbéra láti 52 dé àárín 77 àti 78, ìyẹn 25.5. Bí a bá ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, tí a sì pín in sí mẹ́ta, a ó rí 25.2. Ṣùgbọ́n mi kì í gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ 25.2 sílẹ̀, ká má tíì sọ 25.1667 tí ẹ̀rọ ìṣirò máa ń gbé jáde. Ilà mílílítà kan ni sílíńdà náà ní. Ojú lè mọ̀ bí omi bá wà láàárín ilà méjì, ìyẹn ni pé a lè fi ìdajì mílílítà ṣìnà nígbà tí a ń ka V1, kí a sì tún fi ìdajì ṣìnà nígbà tí a ń ka V2. Bí àṣìṣe kan bá lọ sókè, tí èkejì sì lọ sílẹ̀, ó di mílílítà kan. Ohun tí a mọ̀ ní tòótọ́ ni pé òkúta náà gba sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì 25, ó lè fi ẹyọ kan lé, ó sì lè fi ẹyọ kan dín.

Báwo ni a ṣe máa mọ̀ pé a kò ṣìnà? Ẹ fi ìwọ̀n àyè pín ìwúwo rẹ̀:

```
67 g ÷ 25 cm³ = 2.68 g/cm³
```

Gíránáìtì sábà máa ń wà láàárín 2.6 sí 2.8, nítorí náà èsì wa bọ́ sí ibi tí ó yẹ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mú òkúta kan náà wá pẹ̀lú 31 sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì, ìṣirò yóò fún un ní 2.16, èyí tí ó fúyẹ́ jù fún gíránáìtì. Nígbà náà, ohun mìíràn ti bá òkúta gbé omi sókè: bóyá ó fi ìka ti òkúta náà wọlé, tí kò sì tíì yọ ọ́ nígbà tí ó ń kà á. Bí ó bá sì mú 20 wá, yóò rí 3.35, tí ó túmọ̀ sí pé omi ta jáde, tàbí pé orí òkúta ṣì yọ síta.

Fún ohun kéékèèké bí ìṣó tàbí ìlẹ̀kẹ̀, ẹ má ṣe wọn ọ̀kan ṣoṣo. Ìṣó kan tí ó gba ìdajì sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kò ju àṣìṣe ojú wa lọ. Ẹ da ogójì sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì fi ogójì pín èsì rẹ̀.

Nígbà tí òkúta kò wọ sílíńdà

Ohun tí ó tóbi nílò agolo tí a ṣe ẹnu sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí omi tí òkúta bá lé jáde lè gba ibẹ̀ ṣàn sínú sílíńdà. A lè ṣe é fúnra wa láti ara agolo mílíìkì ńlá. Ẹ fi ìṣó lu ihò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ní nǹkan bí ìka mẹ́ta sí etí òkè, ẹ ki ìdajì sítírọ́ò bọ̀ ọ́ kí ó dà sísàlẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì fi àbẹ́là yíyọ́ dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí omi má baà jò.

Ẹ bu omi sínú agolo náà títí tí yóò fi máa ṣàn jáde lẹ́nu sítírọ́ò, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ títí yóò fi dá dúró fúnra rẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ gbé sílíńdà gbígbẹ sábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ṣáájú. Ẹ sọ òkúta kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹ dúró títí ẹ̀kán tó gbẹ̀yìn yóò fi bọ́, kí ẹ sì ka omi inú sílíńdà. Níhìn-ín, kò sí yíyọ kúrò. Iye tí ó wà nínú sílíńdà ni ìwọ̀n àyè.

Ọ̀nà yìí ní àbùkù kan tí kò ṣeé mú kúrò tán. Ẹnu sítírọ́ò máa ń di omi mú: nígbà mìíràn ó dúró pẹ̀lú ẹ̀kán ńlá kan tí ó so rọ̀ síbẹ̀, nígbà mìíràn ó ti bọ́. Ojú omi inú agolo náà fẹ̀, ìyípadà kékeré ní ibi tí ó dúró sí sì lè jẹ́ mílílítà méjì tàbí mẹ́ta. Fún òkúta tí ó gba 200, èyí kò burú. Fún èyí tí ó gba 25, ẹ padà sídìí sílíńdà.

Ohun tí ó léfòó, àti ohun tí ó ń mu omi

Àbẹ́là kì í rì, apá kan rẹ̀ máa ń yọ síta, omi kò sì ní í gòkè tó bí ó ṣe yẹ. A óò so ó mọ́ nọ́ọ̀tì irin kan tí yóò fà á wọlé. Ẹ kọ́kọ́ ri nọ́ọ̀tì náà nìkan, kí ẹ sì ka omi. Ẹ jẹ́ kí èyí jẹ́ V1. Ẹ fà á jáde pẹ̀lẹ́, kí ẹ gbọn omi ara rẹ̀ padà sínú sílíńdà, ẹ so àbẹ́là mọ́ ọn, kí ẹ sì ri méjèèjì papọ̀. Nínú èyí tí a ṣe ní kíláàsì, nọ́ọ̀tì nìkan gbé omi dé 58, nọ́ọ̀tì àti àbẹ́là gbé e dé 79. Àbẹ́là nìkan jẹ́ 21. Ó wọn gíráàmù 19, 19 tí a fi 21 pín sì jẹ́ 0.90, tí ó dín sí ti omi, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe yẹ kí ohun tí ó ń léfòó rí.

Ṣọ́ọ̀kì, èédú àti bíríkì alámọ̀ le díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé wọ́n ń mu omi. Àmì rẹ̀ ni pé V2 kì í dúró: ẹ kà á, ẹ tún kà á lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, ó ti rẹlẹ̀, èéfún wẹ́wẹ́ sì ń tú jáde lára rẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Ẹ ri ohun náà bọ inú àbẹ́là yíyọ́ lẹ́ẹ̀kan kíá kí ó fi awọ tín-ín-rín bò ó, kí ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ tó rì í sínú omi. Káún ní tirẹ̀ kò kàn ń mu omi, ṣe ló ń yọ́ dànù sínú rẹ̀. Òróró ni ẹ lè fi rọ́pò omi fún un, ṣùgbọ́n ẹ ní láti dúró pẹ́ kí ẹ tó kà á, nítorí pé òróró kì í yára ṣàn kúrò lára gíláàsì, afẹ́fẹ́ kì í sì í tètè jáde nínú rẹ̀.

Bí òṣùwọ̀n ṣe lè ka omi fún wa

Ọ̀nà kan tún wà tí ó péye ju ojú lọ, kò sì gba ju òṣùwọ̀n tí ó ń ka ìdá mẹ́wàá gíráàmù lọ. Ẹ gbé ife omi sórí òṣùwọ̀n, kí ẹ tẹ bọ́tìnì tí ó ń dá a padà sí òdo. Ẹ fi òwú so òkúta rọ̀ sórí igi tàbí ọwọ́ tí ó dúró ṣinṣin, kí ẹ sì sọ ọ́ kalẹ̀ títí omi yóò fi bò ó, láìjẹ́ kí ó kan ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ife. Nọ́ńbà tí òṣùwọ̀n bá gbé jáde ní gíráàmù ni ìwọ̀n àyè òkúta náà ní sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì. Ìdí ni pé omi ń ti òkúta sókè pẹ̀lú agbára tí ó dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo omi tí òkúta gba ipò rẹ̀, òkúta náà sì ń ti omi sílẹ̀ pẹ̀lú agbára kan náà, èyí tí òṣùwọ̀n ń kà. Sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì omi kan sì wọn gíráàmù kan. Nínú ooru ìwọ̀n 30, kò dín ju ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Òkúta gíránáìtì wa gbé 25.1 jáde níbẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ṣàdédé fò lọ sókè dé 40 tàbí 60, òkúta ti fara kan ìsàlẹ̀, òwú kò sì gbé gbogbo ẹrù rẹ̀ mọ́.

Orí òṣùwọ̀n yìí náà ni mo ti máa ń fi àgádágodo irin kan hàn wọ́n. Ó wọn gíráàmù 170. Nígbà tí mo sọ ọ́ kalẹ̀ sínú omi, òṣùwọ̀n ka 26. Mo mi òwú díẹ̀, èéfún kan tú jáde lójú ihò kọ́kọ́rọ́, nọ́ńbà bọ́ sí 25.4. Mo tún mì ín, méjì jáde, ó bọ́ sí 24.1. Gbogbo kíláàsì ti pagbo yí tábìlì ká, tí wọ́n ń ka èéfún jáde. Nígbà tí kò sí èyí tó ń jáde mọ́, ó dúró sí 22. Ọmọ kan béèrè pé èwo wá ni òótọ́ nínú 26 àti 22. Mo ní kí wọ́n fi méjèèjì pín 170. Ti 22 fún wọn ní 7.7, tí ó sún mọ́ 7.8 tí irin ń jẹ́. Ti 26 fún wọn ní 6.5, tí kì í ṣe ti irin. 22 ni àyè tí irin rẹ̀ gbà. 26 ni àyè tí irin àti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jọ gbà, òun sì ni ẹni tí ó fẹ́ mọ bí àgádágodo náà yóò ṣe wọ inú àpótí yóò lò, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ kí 26 yẹn péye, kí ó fi àbẹ́là dí ojú ihò kọ́kọ́rọ́ náà kí ó tó rì í.